Ìkìlọ̀ Tó Dúró De Ìkíni

Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí àwọn tó wà níbẹ̀ ti ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìjì ló jà. Ìjì kọ́. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, lówùúrọ̀ Sátidé, ni ẹ̀rọ dún.

Ilé-iṣẹ́ wa ní Mowe ń ra kọ́ìnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń tà á fún àwọn oníṣòwò. Kọ́ìnì yìí kì í ṣe irú èyí tó ń fò sókè sódò. Àwọn tó ṣe é ṣèlérí pé dọ́là kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ yóò máa jẹ́, pé dọ́là tó tó iye rẹ̀ wà ní ìpamọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníbàárà wa fi ń kó owó ọjà wọn sínú rẹ̀. Èmi ni mo kọ ètò tó ń ṣọ́ ọ. Ó ń wo iye kọ́ìnì náà sí dọ́là ní ọjà márùn-ún orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí ọjà kan ṣoṣo bá yẹ̀, kì í dún, torí ọjà kan lè ní ìṣòro tirẹ̀. Bí mẹ́ta bá yẹ̀ kúrò lórí dọ́là kan ju ààbọ̀ sẹ́ǹtì lọ, tí wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, á dún.

Níbẹ̀rẹ̀, ìkìlọ̀ yẹn ń lọ tààrà sórí fóònù àwọn oníbàárà. Ìlà kan péré: iye, ọjà, aago. Bàbá kan wá fẹjọ́ sùn pé ẹ̀rọ ń ránṣẹ́ sí òun láìkí òun. Ọ̀gá pè mí. Ó ní, "O lọ yunifásítì, o ò mọ àgbà í kí." Láti ọjọ́ náà, ìkìlọ̀ kankan ò gbọdọ̀ jáde àfi tí ọ̀gá bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìkíni àti àdúrà sí i lórí. Mo ta kò ó nínú ìwé, mo kọ ìdí mẹ́rin. Kò yí i padà. Òfin kejì ni pé òṣìṣẹ́ ò gbọdọ̀ sọ fún ẹbí rẹ̀ ṣáájú àwọn oníbàárà yòókù. Ìyẹn, mo fara mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lára àwọn oníbàárà náà. Ó ń ta ẹ̀yà maṣíìnì ìránṣọ lẹ́bàá títì ní Ifo. Gbogbo owó tó fẹ́ fi gba ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ajé ló wà nínú kọ́ìnì yìí. Èmi ni mo ní kó kó o síbẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rọ dún, ọjà mẹ́rin ti wà ní sẹ́ǹtì méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Ọ̀rọ̀ ti jáde pé báńkì tí wọ́n kó dọ́là ìpamọ́ sí ti wọ wàhálà, kò sì sẹ́ni tó lè dá kọ́ìnì padà gba dọ́là títí báńkì yóò fi ṣí. Ọ̀gá wà ní ìpàdé àdúrà ní Ibafo, níbi tí wọ́n ti ń gba fóònù lẹ́nu ọ̀nà.

"Pè é," ni akẹgbẹ́ mi, obìnrin tó ń dá oníbàárà lóhùn, wí.

"Mo ti pè é lẹ́ẹ̀mẹfà."

"Jẹ́ kó gbàdúrà tán nígbà náà. Bóyá kọ́ìnì yìí náà wà lára ohun tó ń gbàdúrà lé lórí."

Mi ò rẹ́rìn-ín. Mi ò bínú náà. Mo ń wo nọ́ńbà bí ẹni ń wo òjò lójú fèrèsé. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Mẹ́tàléláàdọ́rùn-ún. Fóònù mi wà lórí tábìlì, nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n mi ló wà lókè pátápátá. Mi ò fọwọ́ kàn án.

Aago kan kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn tí ọ̀gá jáde ní ìpàdé tó sì kọ ìkíni rẹ̀, ni ìkìlọ̀ jáde: "Ẹ kú òpin ọ̀sẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa pàtàkì. Olúwa á bù sí ọrọ̀ yín." Àdúrà gba ìlà mẹ́fà. Nísàlẹ̀ ló ti wí pé kọ́ìnì ń mì díẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ jáde jáde. Ó ti di sẹ́ǹtì méjìdínláàdọ́rùn-ún. Ẹ̀gbọ́n mi ta tirẹ̀ ní iye yẹn.

Lọ́jọ́ Ajé, báńkì ṣí, kọ́ìnì padà sí sẹ́ǹtì mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Owó ẹ̀gbọ́n mi ò pé mọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, onílé fún ẹlòmíì ní ṣọ́ọ̀bù.

Mo lọ sí Ifo, mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá ọjà rẹ̀.

"Dìde, eruku wà ńlẹ̀," ló wí. "Aago mélòó lo mọ̀?"

"Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Fóònù wà lọ́wọ́ mi nígbà yẹn. Ta ló ní kó dúró de ìkíni?"

"Ọ̀gá wa ni."

"Ta ló kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ?"

"Èmi ni, mà."

Ó mi orí. Ọkùnrin kan wá bèèrè abẹ́rẹ́ maṣíìnì, ó dá a lóhùn, ó gba owó, ó fún un ní ṣéńjì. Lẹ́yìn náà ó tún dá ẹlòmíì lóhùn. Mo dúró títí, kò wo apá ọ̀dọ̀ mi mọ́.