Ọgọ́ta Ọdún Tí Kò Tíì Pé

Inú bí Ìyáàfin Lydia Adéríbigbé, tísà ìṣirò ní Sùúrùlérè, débi pé ó gbàgbé báàgì rẹ̀ sí kíláàsì. Oṣù kìn-ín-ní ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, kọ̀ǹpútà iléèwé sì ti ní ó ti pé ọgọ́ta ọdún, kó fẹ̀yìn tì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, oṣù kọkànlá ni wọ́n bí i!

Ó já wọ ọ́fíìsì Gbádé, ẹni tó ṣètò kọ̀ǹpútà náà.

"Báwo lo ṣe ní kó máa ṣírò ọjọ́ orí wa?"

"Màmá, ó ń yọ ọdún tí wọ́n bí yín kúrò nínú ọdún tá a wà yìí ni."

"Oṣù ńkọ́? Ọjọ́ ńkọ́?"

"Kọ̀ǹpútà kì í ṣe àṣìṣe, mà."

"Àbí? Ọmọ tí ìyàwó ẹ bí lẹ́yìn Kérésì, tó o ní ká wá sọ lórúkọ lọ́la, tẹ ọjọ́ ìbí ẹ̀ sí i, kí n rí i!"

Gbádé tẹ̀ ẹ́.

"Kà á síta!"

"Ọdún kan, mà."

"Ó dáa. Sọ fún un kó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wá síbi ìsọmọlórúkọ lọ́la."