Àlùmọ́gàjí Tó Fẹ́ Wọ Bàálù

Kíákíá là ń pe obìnrin náà níbi iṣẹ́ wa, orúkọ náà sì bá a mu. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sin àwọn tí kò wọ bàálù rí láti ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú títí dé ibi tí wọn yóò ti wọkọ̀. Èmi, ìdí ẹ̀rọ tó ń wo inú ẹrù ni mo jókòó sí. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni mò ń rí i bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, mi ò rí i kó jókòó rí. Oúnjẹ ọ̀sán pàápàá, orí ìdúró ló ti ń jẹ ẹ́. Tí mo bá sọ fún un pé ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi, á ní ìgbín kì í bá bàálù ṣe àdéhùn.

Ohun méjì ló máa ń ṣe tí kì í dùn mọ́ mi. Tí òṣìṣẹ́ bá bi èrò ní ìbéèrè ní káúńtà, òun ló máa ń dáhùn, torí ó mọ ìbéèrè wọn bí ẹní mowó, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àkókò ṣòfò. Tí èrò bá tún bi í pé báwo ni inú bàálù ṣe rí, á ní, "Bí ẹni jókòó sí pálọ̀ ni." Ọkàn èrò á balẹ̀, wọ́n á máa rìn lọ.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ìyá aránṣọ kan ló ń sìn. Aago méjì ọ̀sán ni ọkọ̀ ìyá náà fẹ́ gbéra. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kejì nílùú tó jẹ́ ìrìn ọjọ́ méjì téèyàn bá gba ojú títì. Bí bàálù yìí bá fi í sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ní káúńtà, wọ́n wo káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, wọ́n gbé àpò ńlá rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, wọ́n lẹ ìwé pẹlẹbẹ tó ní nọ́ńbà mọ́ ọwọ́ àpò náà, wọ́n sì lẹ ìwé kékeré tó ní nọ́ńbà kan náà mọ́ ẹ̀yìn ìwé ìwọkọ̀ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ béèrè bóyá ohun mímú bí ọ̀bẹ wà nínú àpò ọwọ́ rẹ̀. Ìyá la ẹnu, ṣùgbọ́n Kíákíá ti ní kò sí. Àpò ńlá bọ́ sórí bẹ́líìtì, ó wọnú ihò lọ, ìyá náà sì ń wo ihò yẹn bí ẹni pé wọ́n jà á lólè.

Lọ́dọ̀ wa, ó kó fóònù àti ẹ̀gbà ọwọ́ sínú abọ́, ó gba inú férémù tó ń ṣàwárí irin kọjá, férémù ké. Obìnrin tó ń yẹ àwọn obìnrin wò fọwọ́ kàn án, ó bá abẹ́rẹ́ ìránṣọ mẹ́fà ní àyà ẹ̀wù rẹ̀. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni àpò ọwọ́ rẹ̀ wá kọjá níwájú mi, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Àlùmọ́gàjí ńlá tí wọ́n fi ń gé aṣọ ló wà nínú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ.

Mo ṣí àpò náà lójú rẹ̀, mo ní àlùmọ́gàjí yìí ò lè bá a wọ ibi ìjókòó nínú bàálù. Ó ní ohun iṣẹ́ ni, kì í ṣe ohun ìjà. Ìyá tó bí i ló ni ín, òun náà sì ti fi í gé aṣọ fún ogójì ọdún. Ọmọ òun ti ní òun ò ní gé aṣọ kankan nínú ṣọ́ọ̀bù tuntun àfi tí ìyá òun bá kọ́kọ́ fi í lé òun lọ́wọ́. Ó ní àlùmọ́gàjí aránṣọ kì í wọnú ẹrù, ọwọ́ ẹni ló ń wà.

Àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n òfin ni. Mo ní kó jù ú sínú àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí a kì í dá nǹkan padà láti inú rẹ̀, tàbí kó padà sí káúńtà kí wọ́n gba àpò náà bí ẹrù. Aago kan ku ìṣẹ́jú méjìlá. Tí aago kan bá lù, káúńtà ọkọ̀ náà á tì.

Kíákíá ti di àpò náà mú, ó ti kọjú sọ́nà. Ìyá ò mira.

"Ohun tó bá wọnú ihò yẹn, ta ló mọ ibi tó ń lọ?" ló wí. "Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Nígbà tí ìwọ wọ bàálù, ṣé o rí tìẹ gbà?"

Kíákíá wo aago, ó wo ìyá, ó wò mí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tó dúró gbọnin.

"Mi ò wọ̀ ọ́ rí, Màmá. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń sin èèyàn dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀. Ibi tí àpò ti ń jáde ni mo mọ̀, torí mo ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin ni wọ́n bi ní káúńtà, èmi ni mo dáhùn. Ẹ̀bi mi ni, ẹ má bínú."

Ojú ti èmi gan-an. Ọdún mẹ́sàn-án la ti jọ ń ṣiṣẹ́, mo sì ti gba ọ̀rọ̀ pálọ̀ yẹn gbọ́.

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá mi sọ̀rọ̀ nìyẹn," ni ìyá náà wí, ó sì na ọwọ́ sí i kó fà á.

Orúnkún ń dun ìyá náà, kò lè sáré. Kíákíá ló wá di ẹni tó ń rìn bí ẹni tó gbé ẹyin sórí, aago sì ń lọ. Kíákíá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n dé káúńtà. Wọ́n kó fóònù, oògùn àti káàdì ìdánimọ̀ kúrò nínú àpò náà, ìyá fi àjákù aṣọ wé ẹnu àlùmọ́gàjí. Òṣìṣẹ́ béèrè ohun tó wà níbẹ̀. Kíákíá di ahọ́n rẹ̀ mú. Ìyá dáhùn fúnra rẹ̀, ó tiẹ̀ ròyìn bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọn, nígbà tí ìṣẹ́jú kan péré ṣẹ́ kù. Wọ́n lẹ ìwé kejì mọ́ ọn, ihò gbé e mì.

Wọ́n tún gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Ní géètì, wọ́n ti ń pe èrò. Kíákíá ò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀, ló bá sọ fún ìyá pé tó bá sọ̀kalẹ̀, kó má kúrò ní gbọ̀ngàn ẹrù láìrí àpò méjèèjì, kó wo nọ́ńbà, kó má wo àwọ̀, torí àpò jọ àpò. Bí ọ̀kan ò bá jáde, kó lọ bá àwọn tó ń bójú tó ẹrù tó sọnù kó tó jáde síta. Ó ní òun ò ní pa fóònù òun.

Aago mẹ́ta ààbọ̀ ni fóònù rẹ̀ dún, ìyá náà ni. Ẹ̀yìn mi ni Kíákíá dúró sí, mo sì ń gbọ́. Àpò ńlá ti jáde, àpò ọwọ́ ò tíì jáde. Kíákíá ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Ìyá ní bẹ́líìtì ti dúró. Ojú Kíákíá pọ́n, èmi náà ò rí ohun tó wà níwájú mi mọ́. Ó wá rántí pé nígbà míì wọ́n máa ń kó ẹrù wá lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí ìyá dúró. Ìyá ní ó tún ti ń yí. Lẹ́yìn náà ló ń ka nọ́ńbà, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ iléèwé: "Mẹ́rin. Òdo. Méje." Òun náà ni.

Kíákíá jókòó sórí ìjókòó èrò, ó sunkún. Ìyá kò tíì parí. Ó ní òun fẹ́ sọ bí inú bàálù ṣe rí fún un, nígbà tó jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sin bàbá kan wá sọ́dọ̀ wa. Bàbá náà bi í pé báwo ni inú bàálù ṣe rí.

"Mi ò wọ̀ ọ́ rí, Bàbá," ló wí. "Ṣùgbọ́n ìyá kan sọ fún mi pé tó bá ń gbéra, etí á dí, kí ẹ máa gbé itọ́ mì. Ó ní ẹ̀rù á bà yín. Ó ní tí ẹ bá ti rí ìkùukùu nísàlẹ̀ yín, ẹ ò ní rántí ẹ̀rù náà mọ́."