Apá Ibi Tí Paklik Mursidi Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Àbúrò bàbá mi, Paklik Mursidi, ní adìyẹ mẹ́tàdínlógún. Gbogbo wọn ló sọ lórúkọ, ohùn tó fi ń bá wọn sọ̀rọ̀ náà ló sì fi ń bá àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ sọ̀rọ̀, ohùn jẹ́jẹ́ bíi ti ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Láti ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Kùránì àti èdè Lárúbáwá ní madrasa abúlé wa, lẹ́bàá ìlú Demak. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi ṣe é, ìjọba ò sì tíì gbà á síṣẹ́. "Olùkọ́ ọlá" ni wọ́n ń pe irú wọn. Ọlá yẹn náà ni wọ́n fi ń san owó oṣù wọn.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti ṣe ìdánwò iṣẹ́ ìjọba, ojú kan náà ló sì ń ṣubú sí. Tó bá jẹ́ ti òfin àti ìtàn orílẹ̀-èdè, kò sí wàhálà. Apá ìrònú ni ìṣòro, àgàgà àwọn ìbéèrè tí wọ́n á to àwòrán tàbí nọ́ńbà sí ìlà kan, tí wọ́n á sọ pé kí o mú èyí tó kàn. Ó kéré tán, kí èèyàn gba ọgọ́rin nínú máàkì márùndínlọ́gọ́sàn-án tó wà fún apá yẹn. Márùndínláàádọ́rin ni Paklik gbà tó pọ̀ jù, ìbéèrè ọ̀rọ̀ àti ti ìṣirò nìkan ló sì fún un nìyẹn. Ìdánwò ọdún yìí ni ìkẹyìn rẹ̀, torí kí òmíràn tó dé, ọjọ́ orí rẹ̀ á ti kọjá ààlà tí wọ́n fi sí i.

Èmi Wening ni mo máa ń ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò yẹn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ìgboro, kọ̀ǹpútà ni mo sì fi ń ya àwọn ọfà àti onígun mẹ́rin tó ń fọ́ àwọn èèyàn lórí. Nígbà tí Paklik wá bá mi, ó wo ilẹ̀, ó wo àjà, ó wá ní, "Wening, mo fẹ́ kí o bá mi wo ọ̀rọ̀ àwòrán yẹn. Ṣùgbọ́n má rẹ́rìn-ín."

"Èmi kẹ̀? Ṣé mo máa ń fi yín rẹ́rìn-ín ni?"

Ọmọ tó máa ń pààrọ̀ bàtà Paklik sí òdìkejì lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí láti kékeré ló ń béèrè bẹ́ẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Bulik Rukayah, gbé tíì àti tempe, ìyẹn ẹ̀wà sóyà tí wọ́n dín, wá. Mo fún Paklik ní ìbéèrè mẹ́wàá, márùn-ún àwòrán, márùn-ún nọ́ńbà, ìdáhùn márùn-ún lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ rọrùn bí omi mímu. Àpótí mẹ́rin ni, ọfà kọ̀ọ̀kan wà nínú wọn. Èkíní kọjú sókè, èkejì sí igun òkè lápá ọ̀tún, ẹ̀kẹta sí ọ̀tún, ẹ̀kẹrin sí igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Lẹ́yìn wọn ni àpótí tó ní àmì ìbéèrè. Ọfà náà ń yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló kàn.

Paklik mú èyí tó kọjú sí igun òkè lápá òsì.

Mo ní, "Paklik, ṣé ẹ̀ ń bá mi ṣeré ni?"

"Eré wo? Ó dá mi lójú."

A lọ sí nọ́ńbà. Mẹ́ta, márùn-ún, mẹ́sàn-án, mẹ́tàdínlógún. Méjì la fi kún ti àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà mẹ́rin, lẹ́yìn náà mẹ́jọ, nítorí náà mẹ́rìndínlógún la ó tún fi kún un, yóò di mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Paklik mú méjì. Nígbà tí mo máàkì gbogbo rẹ̀ tán, òdo ló gbà. Òdo nínú mẹ́wàá!

Bulik Rukayah ní, "Ó dáa o. Surti á gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Surti ni àgbébọ̀ kan tó ń ṣa nǹkan jẹ lẹ́sẹ̀ wa. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ mí. Mo kọ A dé E sórí ìwé kan, mo fi àgbàdo kọ̀ọ̀kan sórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo sì ka ìbéèrè kìíní sí Surti létí. Èyí tó bá kọ́kọ́ ṣà jẹ ni ìdáhùn rẹ̀. A ṣe bẹ́ẹ̀ dé ìbéèrè kẹwàá, Paklik ń sọ pé, "Wening, fi adìyẹ aládìyẹ sílẹ̀," ṣùgbọ́n kò lè mú ojú kúrò lára rẹ̀.

Méjì ni Surti gbà.

Bulik rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí Surti bá yín ṣe ìdánwò náà! Aṣọ ìjọba ò ní tóbi jù fún un!"

Paklik dìde, ó kó ìwé rẹ̀ jọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó wọlé. Nígbà náà ni ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Kò bínú, ìyẹn ló sì burú jù.

Ìwé ìdáhùn rẹ̀ tí mo máàkì ṣì wà níwájú mi, èsì ti adìyẹ náà wà níwájú mi. Mo ń wò ó. Ìdáhùn márùn-ún ló wà lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹni tí kò mọ nǹkan kan rárá, tó kàn ń ṣèèṣì mú, ó yẹ kó bá bíi méjì pàdé nínú mẹ́wàá, bí Surti ti ṣe. Ẹni tó gba òdo kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n. Nǹkan kan ló ń fà á lọ síbi kan náà lẹ́ẹ̀mẹwẹ̀ẹ̀wá. Mo bá tún wo ìdáhùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú gbogbo ìbéèrè tí mo bá yà, mo máa ń fi ìdáhùn ẹni tó ka ìlà náà láti ìparí wá sí ìbẹ̀rẹ̀ pamọ́ sáàárín, torí ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń kó sí pàkúté. Ìdáhùn yẹn ni Paklik mú nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Mẹ́tàdínlógún, mẹ́sàn-án, márùn-ún, mẹ́ta... tí èèyàn bá fi ọ̀kan kún un, tó pín in sí méjì, méjì ló kàn lóòótọ́! Baba yìí ò ṣi ìṣirò kankan.

Ṣé irú nǹkan báyìí ni èèyàn ń sọ lójú ẹsẹ̀? Ní ọjọ́ kejì, mo tẹ ìbéèrè mẹ́wàá mìíràn, ṣùgbọ́n mo to wọn láti ọ̀tún sí òsì, mo sì fi àpótí ìbéèrè sí ìparí lápá òsì. Mo sọ fún un pé àwọn tó le jù lọ nìyẹn. Ó ṣe wọ́n tán kí tíì rẹ̀ tó tutù. Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá!

"Paklik, níbo lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, àbí níbo?"

"Ẹ fi ìka tọ́ka sí i."

Ó fi ìka tọ́ka sí ọ̀tún.

Tíì gba ọ̀nà òdì lọ́fun Bulik Rukayah. Mo gbé ìwé àná síwájú Paklik, mo ní, "Àpótí tó ní àmì ìbéèrè lọ́wọ́ ọ̀tún ńkọ́? Kí lẹ rò pé ó ń ṣe níbẹ̀?"

Ó wò ó pẹ́. "Mo rò pé ó kàn ń sọ fún èèyàn pé ìbéèrè nìyí ni."

Ọdún mẹ́rìnlá tó fi ń ka Lárúbáwá láti ọ̀tún sí òsì, òun àti àwọn ọmọ kéékèèké, ti wọ̀ ọ́ lójú. Tó bá ń ka ìwé tiwa, lẹ́tà á fà á sí òsì fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọfà ò ní lẹ́tà, onígun mẹ́rin ò sì sọ èdè kankan.

Ó ní, "Ó dáa, mo ti mọ̀ ọ́n. Ó parí."

Kò parí rárá. Mo kọ́ ọ pé kó sọ òfin ìlà náà jáde lẹ́nu kó tó wo ìdáhùn, kó sì rí i pé òfin náà bá gbogbo àlàfo mu láti àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Ó ń ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé aago síwájú rẹ̀, á ṣe mẹ́ta bó ṣe yẹ, ojú rẹ̀ á sì tún sá padà sí ọ̀tún. Ọ̀sẹ̀ kan ló kù.

Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn mú nǹkan kan wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Oògùn tí mo rí sí i nìyí: láálì. Wọn ò lè gba èékánná lọ́wọ́ èèyàn lẹ́nu ọ̀nà.

"Olùkọ́ Kùránì ni mí!" ni Paklik ń pariwo, nígbà tí Bulik di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú tí mo sì ń lé láálì sí èékánná ìka ìtọ́ka rẹ̀. "Kí ni àwọn ọmọ á sọ?"

Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ustaz, ta ni ìyàwó tuntun?" Odindi ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kó tó ka ìlà kankan, ó ń gbé ìka pupa yẹn lé apá òsì, ibẹ̀ ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdánwò, èmi àti Bulik dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n ńlá tí wọ́n gbé síta, níbi tí máàkì olúkúlùkù nínú apá ìrònú ti ń hàn bó ṣe ń dáhùn. Márùn-ún ni ìdáhùn tó tọ́ kọ̀ọ̀kan. Orúkọ Paklik gun ọgọ́ta, ó gun márùndínláàádọ́rin, ibi tó máa ń dúró sí. Bulik di ọwọ́ mi mú títí egungun fi fẹ́ fọ́. Àádọ́rin. Márùndínlọ́gọ́rin. Lẹ́yìn náà ló tún padà sí àádọ́rin.

"Wening! Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó pààrọ̀ ìdáhùn kan tó ti gbà."

"Ta ló ní kó pààrọ̀ ẹ̀? Bàbá, ẹ fi ọwọ́ yín sílẹ̀!" Ẹ̀ṣọ́ ní kó dákẹ́. Ó dákẹ́, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ṣì ń bú ọkọ rẹ̀.

Ó pẹ́ kí nọ́ńbà náà tó mira. Márùndínlọ́gọ́rin. Ọgọ́rin. Márùndínláàádọ́rùn-ún. Bulik fò mọ́ ẹ̀ṣọ́ náà lọ́rùn. Márùndínlọ́gọ́fà ló parí sí.

Paklik jáde, aṣọ rẹ̀ rin fún òógùn. Ó ní òun padà lọ tún àwòrán kan wò, òun bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún, òun sì yí ìdáhùn padà, kí òun tó rántí ìka òun. Ó na kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà sí ìyàwó rẹ̀. Bulik ló gùn ún lọ sílé.

Ṣùgbọ́n ààyè olùkọ́ mẹ́ta péré ló wà fún gbogbo àwọn tó yege. Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta kí orúkọ tó jáde, èmi ni mo sì kọ́kọ́ rí i. Mo mú ohùn mi nípọn, mo pè é lórí fóònù. "Ọ̀gbẹ́ni Mursidi, láti ọ́fíìsì la ti ń pè yín. Àṣìṣe kan wà nínú ìwé yín."

Ó ní, "Wening, mo mọ ohùn rẹ. Ṣé mo wọlé àbí n kò wọlé?"

"Ẹ wọlé, Paklik. Ẹ̀yin ni ìkejì nínú mẹ́ta."

Mo gbọ́ bó ṣe gbé fóònù lé orí tábìlì, kò sì pa á. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń pe Bulik, ó pè é lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti ní yẹ̀yẹ́ mẹ́ta nílẹ̀ tí mo fẹ́ fi í ṣe. N kò sọ ọ̀kankan nínú wọn.