Ọjọ́ Tí Bàṣírù Gbé Ọdún Gun Orí Àtẹ

Bí ẹ bá ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Bàṣírù l'Ẹ́jìgbò, ẹnu ẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ kẹ́ ẹ tó rí kọ̀ǹpútà ẹ̀. Àbíjàn ni wọ́n ti bí i, ibẹ̀ ló ti kọ́ ìwé títẹ̀, kò sì sí oníbàárà tó máa jókòó ní ṣọ́ọ̀bù yẹn tí ò ní í gbọ́ ìtàn náà. Ìyàwó ẹ̀, Nùsírátù, ìyá Ooreọ̀fẹ́ ọmọ wọn, tíṣà ni ní Ìsúndúnrin, nílé ìwé kékeré kan tí ìjọ kan dá sílẹ̀. Òun ló máa ń sọ pé ọkọ òun kì í ṣe àṣìṣe, àfi tó bá jí.

Lọ́jọ́ Wẹsidé, Àǹtí Damaris dé. Òun ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ìwé mẹ́ta tí ìjọ náà ní: ti Ìsúndúnrin, ti Ọlá, àti ti Ará. Àtẹ iye ọmọ ilé ìwé ló mú wá, Bàṣírù fúnra ẹ̀ ló sì tẹ̀ ẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọdún tò wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlú tò lọ lókè.

"Alàgbà Oyèníran, alága wa, ò gbà á," Damaris ní. "Wọ́n ní kí ọdún wà lókè, kí ìlú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní ilé ìwé tó bá ń fà sẹ́yìn jù, àwọn á pa á pọ̀ mọ́ ti Ará. Báwọn bá sì ń wo ọdún láti òsì lọ sọ́tùn-ún, ojú àwọn á tètè rí i."

"Ṣé ìyẹn náà niṣẹ́, Àǹtí? Ẹ má tíì jókòó, ẹ ó kàn tún dìde ni."

Ọdún mẹ́ta, ìlú mẹ́ta. Bàṣírù wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Ó pa orúkọ ìlú rẹ́ lókè, ó fi 2022, 2023 àti 2024 síbẹ̀. Ó pa ọdún rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi Ìsúndúnrin, Ọlá àti Ará síbẹ̀. Ó bá a mu rẹ́gí, ojú kan ò ṣófo. Iye tó wà nínú àtẹ ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ká ní ìlú jẹ́ mẹ́rin ni, àyè ì bá ṣẹ́ kù, àṣírí ì bá tú lójú ẹsẹ̀.

Damaris kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó fi àtẹ àkọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wo ojú àkọ́kọ́: Ìsúndúnrin, 2022, ọgọ́ta. Ó pé. Ó wo àárín: ó pé. Ó wo ìgbẹ̀yìn: ó pé. Ó fọwọ́ sí i pé òun ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kò mọ̀ pé àwọn ojú mẹ́ta yẹn gan-an nìkan ni kì í kúrò láyè wọn, bí wọ́n bá gbé ọdún sókè, tí wọ́n gbé ìlú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nírọ̀lẹ́ Tọ́sìdé, Nùsírátù wọlé tòun ti pépà kan lọ́wọ́, kò bọ́ bàtà.

"Wọ́n fẹ́ ti ilé ìwé wa. Wọ́n ní ọmọ ọgọ́ta la ní, ó di méjìléláàádọ́ta, ó wá di mọ́kànlélógójì. Bàbá Ooreọ̀fẹ́, mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mo pè lórúkọ lọ́dún tó kọjá. Ọ̀rẹ́ yín wo ló tẹ irú ìwé yìí?"

Bàṣírù fa pépà àkọ́kọ́ tí Damaris mú wá yọ nínú báàgì ẹ̀. Ó dà bíi pé ẹnu tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ yẹn ti lọ sí Àbíjàn.

"Ẹ̀yin ni?"

"Ọdún ni wọ́n ní kí n gbé sókè."

"Ẹ wá gbé e sókè, ẹ fi àwọn ọmọ mi sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà?"

Ó gba pépà àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ọkọ ẹ̀. "Ọdún 2022 sùn báyìí: ọgọ́ta ti Ìsúndúnrin, méjìléláàádọ́ta t'Ọlá, mọ́kànlélógójì ti Ará. Tó bá dìde dúró, ṣebí ó yẹ kí gbogbo wọn bá a dìde? Ẹ̀yin wá kó ọmọ Ọlá àti ti Ará fún wa."

Láàárọ̀ Fúráìdé, Bàṣírù tún un ṣe. Ó da àtẹ àkọ́kọ́ sínú Ẹksẹ́ẹ̀lì, ó kọ́pì gbogbo ẹ̀ látorí dé ìdí, ó lọ síbi tó ṣófo, ó ní kó yí i bó ṣe ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Gbogbo ìlà tó sùn dìde, gbogbo èyí tó dúró sùn. Ìsúndúnrin: ọgọ́ta, méjìdínlọ́gọ́ta, mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ọlá ń gòkè. Ará ń gòkè. Kò sí ilé ìwé tó ń kú.

Òun àti Damaris gbé e lọ bá Alàgbà. Alàgbà gbé awò ojú wọn wọ̀, wọ́n kà á títí.

"Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta," ni wọ́n wí, jẹ́jẹ́. "Ṣé ẹ rí i? Láti àná la ti ń gbàdúrà lórí Ìsúndúnrin yìí."

Bàṣírù lanu láti ṣàlàyé. Damaris tó fọwọ́ sí i pé òun yẹ̀ ẹ́ wò tẹ ẹsẹ̀ Bàṣírù mọ́lẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

"A ò ní í tì í mọ́," Alàgbà ní. "Ìwọ ọmọ yìí, mùsùlùmí ni ọ́, àmọ́ o ti fojú ara rẹ rí i."

Nígbà tí Bàṣírù délé, Nùsírátù ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ ṣe é?"

"Wọ́n ní àdúrà ni."

"Ẹ̀yin wá sọ pé kí ni?"

"Mo ní àmín."