Ìdajì Ìsàlẹ̀ Ìwé Ìwọ̀n

Ìdí ẹ̀rọ kẹta ni Nejiba Chaabouni lo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ tán sí, ní ilé iṣẹ́ kusikúsì, oúnjẹ oníhóró tí wọ́n ń fi àlìkámà ṣe, tó wà lójú ọ̀nà Gabès, ní ẹ̀yìn ìlú Sfax. Ẹ̀rọ ń da kusikúsì sínú ọ̀rá, kílò kọ̀ọ̀kan, òun á sì dúró tì í. Ní gbogbo ààbọ̀ wákàtí, á mú ọ̀rá márùn-ún tó tẹ̀ léra, á gbé wọn sórí òṣùwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá ìpíndọ́gba wọn, á fi àmì kan sí orí àtẹ. Bí àmì náà bá bọ́ sáàárín ìlà pupa òkè àti ìlà pupa ìsàlẹ̀, á padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá fo ìlà, á pa ẹ̀rọ, á pe ọ̀gá. Kì í parọ́ ìwọ̀n. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà kan, ó sì ń rìn bí ẹni tó ru omi tí kò fẹ́ kó dànù.

Àtẹ méjì ló wà lórí ìwé kọ̀ọ̀kan. Ti òkè wà fún ìpíndọ́gba. Ti ìsàlẹ̀ wà fún àlàfo, ìyẹn iye gíráàmù tí ọ̀rá tó wúwo jù lọ nínú márààrún fi ju èyí tó fúyẹ́ jù lọ. Ṣùgbọ́n àpò ike tí wọ́n so mọ́ ara ẹ̀rọ kò gba ìwé náà tán. Faouzi Ellouze, ọ̀gá àyẹ̀wò, ló ní kí wọ́n máa ká ìdajì ìsàlẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní ti òkè ni àwọn oníbàárà máa ń wò bí wọ́n bá wá. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó fi àmì sí àtẹ ìsàlẹ̀ mọ́. Bí ìwé tuntun bá ti dé ọwọ́ wọn, wọ́n á ká a láì wò ó, bí èèyàn ṣe ń fọwọ́ kó tó jẹun.

Ọ́fíìsì Faouzi ni èmi ti ń ṣiṣẹ́, lórí àdéhùn oṣù díẹ̀ tí wọ́n ń fún àwa tí a jáde yunifásítì tí a kò ríṣẹ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìwé náà fún un ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ó ní, "Àbúrò, yunifásítì lo ti wá. Kusikúsì là ń dì níbí."

Nígbà tó yá, wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun kan tí yóò ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ mẹ́ta tó wà nílẹ̀. Nínú àwọn mẹ́ta tó ń dúró ti ẹ̀rọ, ẹnì kan yóò di alábòójútó ìwọ̀n, yóò máa jókòó nínú yàrá onígíláàsì. Ilé ẹrù ni àwọn méjì yòókù ń lọ, láti máa ru àpò sẹ̀mólínà. Ìdánwò ni yóò yan ẹni tí yóò jókòó. Dókítà sì ti sọ fún Nejiba pé bó bá tún ru ẹrù wúwo, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lè má gbé e mọ́.

Yàrá oúnjẹ ni wọ́n ti ṣe ìdánwò náà, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Òórùn ata hàrísà àná ṣì wà lára tábìlì. Àwọn mẹ́ta tó jókòó ni Nejiba, Besma tí kò tíì pẹ́ tó lọ́kọ, àti Mouldi, tó ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tòmátì agolo ní Cap Bon kó tó wá bá wọn.

Mouldi yíjú sí Nejiba, ó ní, "Ìyá Anis, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó síwájú mi, kí n lè rí nǹkan wò."

"Ẹ̀yìn mi nìkan lo máa rí," ni Nejiba dá a lóhùn. "Òun náà ò sì sunwọ̀n."

Faouzi ka òfin fún wọn: ẹni tí olùṣọ́ bá bá sọ̀rọ̀, wọ́n á fagi lé ìwé rẹ̀. Èmi ni olùṣọ́. Faouzi jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife kọfí rẹ̀, ó ń wò wá.

Mo pín ìwé ìwọ̀n àkọ́kọ́ fún wọn, kí wọ́n kọ bóyá nǹkan ń ṣe ẹ̀rọ. Àmì kan fo ìlà pupa òkè. Gbogbo wọn gbà á. Lórí ìwé kejì, kò sí àmì kankan tó fo ìlà, ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án tò léra wọn lábẹ́ ìlà àárín. Besma kọ ọ́ pé kò sí nǹkan. Nejiba fi ìka ka àwọn àmì náà, ó kọ ọ́ pé ẹ̀rọ ti yẹ̀, pé mẹ́sàn-án kì í ṣèèṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà.

Mo gbé ìwé kẹta síwájú rẹ̀. Kò tíì wò ó tí ọwọ́ rẹ̀ fi ká ìdajì ìsàlẹ̀ sẹ́yìn, tó sì fi èékánná tẹ ojú ibi tó ká.

Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Lójú àtẹ òkè, gbogbo àmì rọra jókòó yí ìlà àárín ká. Àmì ìkẹyìn fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà gan-an: ẹgbẹ̀rún kan gíráàmù lé mẹ́ta. Lábẹ́ tábìlì, níbi tí ìdajì ìwé náà kọjú sí itan rẹ̀, àlàfo tí mo ti rí kí n tó pín ìwé ti di mọ́kànlélógún, nígbà tí ìlà pupa rẹ̀ kò ju mẹ́tàdínlógún lọ. Ọ̀rá kan fi gíráàmù mẹ́rìnlá lé ní kílò, òmíràn fi méje dín. Èyí tó lé bo èyí tó dín, ìpíndọ́gba sì mọ́ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Nejiba kọ ọ́ pé, "Kò sí nǹkan. Kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ lọ."

Ojú ẹsẹ̀ ni Faouzi wo ìwé wọn. Mouldi nìkan ló gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Faouzi pe Nejiba sí iwájú.

"Ìyá Anis, àtẹ wo lẹ kọ́kọ́ wò nínú ẹ̀kẹta yìí?"

"Ti òkè."

"Ti ìsàlẹ̀ ńkọ́?"

Nejiba gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tú u, ó wò ó.

Faouzi ní, "Ẹni tó mọṣẹ́, ti ìsàlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kà. Bí àlàfo bá ti bàjẹ́, kò sí ohun tí èèyàn lè gbà gbọ́ lára ìpíndọ́gba."

Òótọ́ ni. Kò sí àṣìsọ kankan nínú rẹ̀. Kò sì sọ ọ́ rí láti ọjọ́ tó ti di ọ̀gá.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n máa ká a."

"Ìwé ni mo ní kí wọ́n ká. Mi ò ní kí wọ́n di ojú."

Ó mu kọfí tó kù nínú ife rẹ̀, ó jáde.

Mouldi kò mọ ibi tí yóò kọjú sí. "Ìyá Anis, níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ńṣe ni wọ́n ń lẹ ìwé náà mọ́ ògiri, ó tẹ́jú. Mi ò mọ̀ ọ́n jù yín lọ."

"Mo mọ̀," ni Nejiba wí. "Àga inú yàrá onígíláàsì yẹn, ẹsẹ̀ kan ń mì níbẹ̀. Ní kí wọ́n bá ọ tún un ṣe."

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó fi ìgbànú onírọ́bà di ẹ̀yìn rẹ̀, ó wọ ilé ẹrù. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Besma ń bá a gbé apá kan àpò nígbà tí ọ̀gá ibẹ̀ kò bá wò. Kí wọ́n tó ká èso ólífì tán lọ́dún náà, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ara rẹ̀ kò bá iṣẹ́ mu, wọ́n sì ní kó máa lọ sílé.

Àdéhùn tèmi náà ti tán nígbà tí mo lọ kí i. Ó jókòó sórí ìrọ̀rí nílẹ̀, ó ń bó áyù sínú abọ́. Páálí kusikúsì kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Faouzi ló fi ránṣẹ́.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé inú ò bí yín ni?"

"Sí ta?"

Mo dárúkọ ọkùnrin náà.

Ó bó áyù kan tán, ó mú òmíràn. "Ohun tó sọ, ṣé irọ́ ni?"

"Kì í ṣe irọ́."

"Ó dáa," ló wí. "Bá mi ti fèrèsé yẹn. Òtútù ń wọlé."

Mo tì í.