Mẹ́rìnléláàádọ́rin Ni Ìdáhùn Náà

Ọdún mẹ́tàlá ni Abọ́sẹ̀dé Ògúnlẹ́yẹ fi kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì ní ìṣirò ní lẹ́sìnnì kan ní Agbowó, lókè pẹtẹ́ẹ̀sì kan tó kọjú sí títì, níbi tí ariwo kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ti jẹnẹrétọ̀ àwọn tó ń ṣe fótókópì kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀ dáadáa. Ìwé ẹ̀rí olùkọ́, NCE, ló ní. Nígbà tó wà lọ́mọge, ó gbìyànjú yunifásítì lẹ́ẹ̀mẹta, wọn ò gbà á. Nígbà tí bàbá rẹ̀, tó jẹ́ akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì ní Baṣọ̀run, sì kú, ó fi ọ̀rọ̀ yunifásítì sílẹ̀, ó dojú kọ iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò fi ṣe ìtìjú. Ohun kan ṣoṣo tí kò lè gbà ni kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé nǹkan pé iye báyìí, nígbà tí òun ti kà á tí kò pé bẹ́ẹ̀.

Ibi tí àwọn ọmọ ń sá fún jù nínú ìṣirò ni òun fẹ́ràn jù: pẹmutéṣọ̀n àti kọmbinéṣọ̀n, ìyẹn kíka iye ọ̀nà tí a lè gbà to nǹkan tàbí tí a lè gbà yan nǹkan. Kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fọ́mùlà. Yóò pe ọmọ mẹ́ta síwájú, yóò ní kí wọ́n tò. Lẹ́yìn náà yóò ní kí wọ́n pààrọ̀ àyè, títí tí kò fi ní sí ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà tò mọ́. Ọ̀nà mẹ́fà ni yóò jẹ́, gbogbo kíláàsì ni yóò sì kà á. Yóò wá sọ fún wọn pé bí òun bá ń yan alága, akọ̀wé àti akápò, ọ̀nà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yàtọ̀ síra, nítorí ẹni tó bọ́ sí ipò kan kì í ṣe ẹni tó bọ́ sí èkejì. Ṣùgbọ́n bí òun bá kàn fẹ́ ẹni mẹ́ta tí yóò lọ pọn omi wá, àwọn mẹ́ta yẹn náà ni, bó ti wù kí wọ́n tò. Èyí ló fà á tí a fi ń pín in sí mẹ́fà. Ọmọ tó bá ti rí èyí pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ kì í gbàgbé.

Ní ọdún tó kọjá ni ẹni tó ni lẹ́sìnnì náà, Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́láhàn, mú olùkọ́ tuntun kan wá. Luke Ikúbọlájẹ́ ni orúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní oyè kejì, tó mọ aṣọ wọ̀, tó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Láàárín oṣù mẹ́ta, ó ti kọ ìwé pẹlẹbẹ kan tó kún fún ìbéèrè àti ìdáhùn. Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́láhàn tẹ̀ ẹ́, gbogbo ọmọ sì rà á. Wọ́n sọ fún Abọ́sẹ̀dé pé ìwé náà ni yóò máa lò láti ìsinsìnyí lọ.

Ó lò ó títí ó fi dé ojú ewé kọkàndínlógún. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀nà mélòó ni a lè gbà yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta láàárín ọkùnrin márùn-ún àti obìnrin mẹ́rin, bí ó bá jẹ́ pé ó kéré tán obìnrin kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ìdáhùn ìwé náà ni méjìléláàádọ́fà. Àlàyé rẹ̀ dùn ún gbọ́: kọ́kọ́ mú obìnrin kan, ọ̀nà mẹ́rin ló wà, ó ku ènìyàn mẹ́jọ, mú méjì èyíkéyìí nínú wọn, ọ̀nà méjìdínlọ́gbọ̀n, fi mẹ́rin sọ méjìdínlọ́gbọ̀n di púpọ̀.

Islamiyat ló kọ́kọ́ rí i pé nǹkan ò tọ́. Ọmọ Bódìjà ni, màmá rẹ̀ ń ta ẹ̀wà àti gàrí lọ́jà níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní kíláàsì. Ó nawọ́, ó ní òun gbìyànjú láti ṣe ìbéèrè tó tẹ̀lé e, èyí tó ní kí wọ́n wá ìṣeéṣe rẹ̀ pé obìnrin yóò wà nínú ìgbìmọ̀ tí a bá yàn láìwojú ẹnikẹ́ni. Ó ní gbogbo ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta tó lè jáde láàárín ènìyàn mẹ́sàn-án, yálà obìnrin wà níbẹ̀ tàbí kò sí, kò ju mẹ́rìnlélọ́gọ́rin lọ.

“Aǹtí, báwo ni apá kan ṣe máa wá pọ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ? Ìṣeéṣe kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀kan lọ.”

Inú Abọ́sẹ̀dé dùn débi pé ó ń bẹ̀rù kó má bàa rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n gbé káádíbọ́ọ̀dù ńlá kan wá, ó pín kíláàsì sí ọ̀nà mẹ́ta, wọ́n sì kọ gbogbo ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ló jáde. Wọ́n wá fa igi lé àwọn tí kò ní obìnrin kankan nínú, mẹ́wàá péré. Ó ku mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn, kí wọ́n fi bírò fagi lé ti ìwé pẹlẹbẹ náà.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn náà tí wọ́n ṣe ìdánwò àfidánrawò ní lẹ́sìnnì náà. Ìbéèrè yẹn wà níbẹ̀. Gbogbo ọmọ kíláàsì Abọ́sẹ̀dé tó kọ mẹ́rìnléláàádọ́rin ló gba òdo lórí rẹ̀, nítorí ìdáhùn ìwé pẹlẹbẹ náà ni wọ́n fi máàkì. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní ni lẹ́sìnnì máa ń bá ra fọ́ọ̀mù ìdánwò àtiwọ yunifásítì, Islamiyat sì ṣe ipò kejì nítorí ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn.

Abọ́sẹ̀dé wọ ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́láhàn lọ. Ọkùnrin náà fetí sílẹ̀ sí i, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́. Ó ní ìwé ti tà, ó ti dé ọwọ́ àwọn òbí, ẹni tó kọ ọ́ ló sì ní oyè kejì. Ó ní kò bójú mu kí olùkọ́ kan máa ní kí ọmọ fi bírò fagi lé iṣẹ́ olùkọ́ mìíràn. Ó wá ní lọ́jọ́ Sátidé, níbi ìpàdé òbí, kí ó sọ fún wọn pé àṣìṣe òun ni.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀,” ni Abọ́sẹ̀dé wí. “Kì í ṣe àṣìṣe mi.”

“Aǹtí Abọ́sẹ̀dé, ẹ rò ó dáadáa. NCE lẹ ní.”

“Mo mọ ohun tí mo ní, sà. Ìwé ẹ̀rí mi kọ́ ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ ni.”

Lọ́jọ́ Sátidé náà, ó ká káádíbọ́ọ̀dù sábẹ́ apá, ó wọ kẹ̀kẹ́ láti Baṣọ̀run. Àwọn òbí bí ogójì ló wà níjókòó. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́láhàn ní kí ó bọ́ síwájú sọ ohun tó fẹ́ sọ, ó dìde, ó bọ́ síwájú. Ó kí wọn, ó ní wọ́n ní kí òun wá tọrọ àforíjì, àmọ́ òun fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ bá òun kà á. Ó bẹ bàbá márùn-ún àti màmá mẹ́rin pé kí wọ́n dìde. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n dìde.

Ó yíjú sí Luke, ó bi í bóyá ọ̀nà tó wà nínú ìwé rẹ̀ ni pé kí a mú obìnrin kan ná, kí a tó mú ẹni méjì yòókù. Luke ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní bí obìnrin kan bá ti wà nílẹ̀, ohun tí ìbéèrè béèrè ti pé, ẹni tó bá wù kó tẹ̀lé e kò tún kan ẹnikẹ́ni.

Abọ́sẹ̀dé fa Màmá Islamiyat síwájú gẹ́gẹ́ bí ẹni àkọ́kọ́, ó wá fi Màmá Jọlá àti Bàbá Ìdrís kún un. Ó ní kí Luke kà á sí ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó dá gbogbo wọn padà. Ó fa Màmá Jọlá síwájú gẹ́gẹ́ bí ẹni àkọ́kọ́, ó fi Màmá Islamiyat àti Bàbá Ìdrís kún un.

“Nínú ìwé yín, ìgbìmọ̀ mìíràn lèyí. Ọ̀gbẹ́ni Luke, ẹ jọ̀ọ́, ta ló yí padà?”

Luke wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Màmá Islamiyat ló dáhùn. Wọ́n ní, “Àwa náà ni, kò sí ẹni tó kúrò.”

Abọ́sẹ̀dé wá tú káádíbọ́ọ̀dù náà, ó ń fi ìka tọ́ka. Ìgbìmọ̀ tí obìnrin kan wà nínú rẹ̀ jẹ́ ogójì, ìwé kà á lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí obìnrin méjì wà nínú rẹ̀ jẹ́ ọgbọ̀n, ìwé kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó di ọgọ́ta. Èyí tó jẹ́ obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ mẹ́rin, ìwé kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó di méjìlá. Ó kọ ọ́ sójú pátákó: ogójì, ọgọ́ta, méjìlá. Ó pé méjìléláàádọ́fà gẹ́lẹ́. Ó ní ibẹ̀ ni iye ìwé náà ti wá. Ogójì, ọgbọ̀n àti mẹ́rin ni iye tòótọ́.

Ó ní, “Mi ò ní àforíjì kankan tí mo fẹ́ tọrọ. Àwọn ọmọ yín rí ìdáhùn tó tọ́, síbẹ̀ wọ́n fún wọn lódo.”

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Bàbá kan tó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì dìde, ó ní òun ti ń ṣe ìṣirò náà lórí ìwé bí obìnrin yìí ṣe ń sọ̀rọ̀, ohun tó sọ ló tọ́, kí wọ́n tún ìdánwò náà máàkì. Luke gba máákà lọ́wọ́ Abọ́sẹ̀dé, ó fagi lé 112 fúnra rẹ̀ lójú pátákó. Nǹkan yìí wú Abọ́sẹ̀dé lórí, kò sì rò pé yóò wú òun lórí.

Wọ́n tún un máàkì. Islamiyat gba fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́láhàn gbé lẹ́tà kan síwájú Abọ́sẹ̀dé. Lẹ́tà náà ní ó ti kó àbùkù bá lẹ́sìnnì níwájú àwọn òbí, kí ó fọwọ́ sí i pé irú rẹ̀ kò ní wáyé mọ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun ò lè fọwọ́ sí i, nítorí pé bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, irú rẹ̀ ni òun yóò tún ṣe. Ó kó ìwé rẹ̀ sínú báàgì, ó sọ̀ kalẹ̀. Ọdún mẹ́tàlá ò ju báàgì kan lọ. Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé e lọ sílé, ó sunkún díẹ̀, inú sì bí i pé òun sunkún.

Ní báyìí, yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Baṣọ̀run ló ti ń kọ́ ọmọ. Mọ́kànlá ni wọ́n. Àga ò tó, fáànù kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ń dún kíkan. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó kọ AGBOWO sójú pátákó ní lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, ó bi wọ́n pé ọ̀nà mélòó ni a lè gbà to lẹ́tà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì mọ̀ ọ́n rí pariwo pé okòólélẹ́ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Abọ́sẹ̀dé ní rárá, ìdajì rẹ̀ ni, ọ̀tàlélọ́ọ̀ọ́dúnrún. Ọmọ náà kọ ọ̀rọ̀ náà wò, ó tún un kọ, ó wá ní ó dáa, bí Aǹtí bá ti sọ bẹ́ẹ̀.

Abọ́sẹ̀dé pa máákà dé.

“Má gbà á nítorí pé èmi ni mo sọ ọ́,” ni ó wí. “O méjì ló wà níbẹ̀. Pààrọ̀ àyè wọn, kí o wò ó bóyá ohunkóhun yí padà. Bó bá yí padà, wá bá mi jà.”

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.