Ọ̀rọ̀ Ńlá Inú Ìwé Ẹ́ksíréè

Láyé ọjọ́un, ọkọ̀ agbégilódò kan gun ẹsẹ̀ mi ní Ọ̀fà Garage. Mo máa ń sọ fáwọn ọmọdé pé ẹfọ̀n ni mo bá jà. Comminuted ni dókítà kọ sínú ìwé mi: eegun ti fọ́ wẹ́wẹ́. Wọ́n la ẹsẹ̀ náà, wọ́n fi irin dè é. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lórí mi mọ́.

Nígbà tí ọmọ ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méje, já bọ́ látorí igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa ní Basin, a gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ya fọ́tò eegun ọwọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ na ìwé àbájáde sí mi. Omijé ò jẹ́ kó ríran.

"Bàbá, kí ni wọ́n kọ? Ṣé wọ́n máa la ọwọ́ ọmọ mi ni?"

Mo gbé awò sójú, mo wá ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀. Wallahi, ó wà níbẹ̀.

"Ó ti fọ́ wẹ́wẹ́, ọmọ mi. Irin ni."

Ó figbe ta. Ó ní ọ̀bẹ kankan ò ní kan ọmọ òun, ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun lọ́nà Malete lòun ń gbé e lọ. Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà kí dókítà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan báyìí, tó dá wọn dúró. Ó gba ìwé náà, ó wò mí.

"Bàbá, ẹ ka èyí tó ṣáájú comminuted."

"Not," ni mo kà, ohùn mi ti lọ sílẹ̀.

"Ohun tá ò rí náà la máa ń kọ sílẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé a wò ó."

Ó já ẹ̀ka dongoyárò tútù kan níta, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbẹ́ kan là, èkejì kàn tẹ̀, kò já.

"Màmá, greenstick tí wọ́n kọ nìyí. Eegun ọmọdé ṣì tutù, kì í sábà kán pátápátá bíi ti àgbà. Wọ́n tún kọ not displaced. Tó bá jẹ́ displaced ni, orí eegun méjèèjì ti kúrò níbi tí wọ́n wà nìyẹn. Tiẹ̀ ò kúrò. Comminuted ti Bàbá, kó fọ́ sí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni."

"Ẹ ò ní là á?"

"Rárá. POP, báńdéèjì tó máa ń gan tó bá gbẹ, la máa fi dè é, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pátákó dè é le, ẹ̀jẹ̀ lè má débẹ̀ mọ́. Bí ìka ẹ̀ bá wú tàbí tó tutù, ẹ sáré padà wá."

"Alihamdulilahi!" Ó yíjú sí mi. "Bàbá, ẹ fẹ́ẹ̀ pa mí."

Ibi tí wọ́n ti ń wé POP tútù náà ni ọmọ ti là á mọ́lẹ̀:

"Mọ́mì, Bàbá Àgbà ló ní látorí máńgòrò yẹn lòun ti máa ń fò bí ológbò."

Gbogbo wọn wò mí. Mo ní irọ́ ni, mi ò gun igi rí, òkè máa ń bà mí lẹ́rù. Mo tún jẹ́wọ́ ti ẹfọ̀n náà mọ́ ọn: ọkọ̀ ni.

Ọmọ náà wo ojú àpá ẹsẹ̀ mi títí.

"Ti ẹfọ̀n ló dáa jù," ló wí.